Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ète àti Ìṣúná nínú Ìwé Ìbéèrè Owó Ìwádìí Àjẹsára ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Etí Omi Ògùn

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé pọ̀ ní ilẹ̀ wa lórí ìdí tí àwọn òbí kan fi ń gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn mìíràn kò sì gbé tiwọn lọ, ìwé kan wà tó ń ṣáájú gbogbo wọn tí a kì í sábà gbé yẹ̀ wò ní gbangba, ìwé náà sì ni èyí tí oníwàádìí fi ń tọrọ owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti ń pinnu ẹni tí a ó bi léèrè àti ẹni tí a ó kọjá lára rẹ̀, abúlé tí a ó dé àti èyí tí a ó fi sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí bá sì jáde lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tí a ti kọ sínú ìwé ìbéèrè ni yóò ti sọ bí àbọ̀ náà yóò ṣe ṣeé gbára lé tó.

Apá méjì nínú ìwé yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ète ìwádìí, àti àlàyé tí a fi ń gbe ìṣúná owó lẹ́sẹ̀. Bí a ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni í kọ ète, tí yóò sì fara balẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ó bá ku ọ̀la kí ìlẹ̀kùn tì, ọmọ ọ́fíìsì kan ni a ó pè pé kó wá fi owó sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì, pé owó ni a fi ń tún ète sọ, àti pé ẹni tó bá ya wọ́n nípa yóò pàdánù ọ̀kan tàbí èkejì. Àwọn àgbà ló sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Olongo kì í gbé ìtẹ́ ahóyaya.

Kí a tó dé orí ète, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí iṣẹ́ yóò ti wáyé. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, tí Ìjẹ̀bú-Igbó ìlú Orímolúsì jẹ́ olú ibùjókòó rẹ̀, jẹ́ ilẹ̀ igbó níbi tí igi gẹdú àti kòkó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó. Bí a bá sì kúrò ní Òkè-Ṣópẹ́n, Òkè-Àgbò, Ójòwò, Àtìkòrí àti Jápárá tí í ṣe àdúgbò márùn-ún ìlú náà, abà oko ni a ó máa bá káàkiri, tí àlejò oníṣẹ́ oko pọ̀ nínú wọn, àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń wọ ìlú. Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ẹbùmáwe, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, òun ni yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí a ń pè ní Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, fi ṣe ilé, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ àti ayálégbé ló kún un. Ní gúúsù ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ògùn Wọtasáìdì wà, tí olú ibùjókòó rẹ̀ jẹ́ Àbígí, tí Ìbíadé, Ìwópin àti Mákùn-Omi wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀sà ni, tí Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ jọ ń gbé, tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ dé àwọn ìlú kan, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló dé àwọn mìíràn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 284,336 ni a kà ní Àríwá Ìjẹ̀bú, 72,935 sì ni a kà ní etí omi. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí kan ṣoṣo mú ibi mẹ́ta yìí pọ̀ níláti mọ̀ pé ilé ayé mẹ́ta ló fẹ́ mú pọ̀.

Ìdí kan wà tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi yẹ ní ṣíṣe, òun náà ló sì yẹ kó ṣáájú ète nínú ìwé ìbéèrè. Ìwádìí ìlera ìdílé tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù 12 sí 23, nǹkan bí 31 ni ó gba gbogbo àjẹsára ìpìlẹ̀. A ṣe ètò ìwádìí náà kí ó lè sọ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Kò lè sọ ti ìjọba ìbílẹ̀ kan, nítorí ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni yóò bọ́ sínú rẹ̀ láti ibẹ̀, bí ọ̀kan bá tilẹ̀ bọ́ sí i. Èyí tó ń sọ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé ilé ìlera, níbi tí a ti ń kó iye abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọ jọ, tí a sì ń fi iye ọmọ tó yẹ kó wà ní àdúgbò pín in. Ṣùgbọ́n láti inú ìkànìyàn 2006 ni a ti ń fojú bu iye ọmọ náà, pẹ̀lú ìbísí ọdọọdún tí a ṣírò lé e. Bí ilẹ̀ kan bá ti gba àlejò ju bí a ti rò lọ, tàbí tí àwọn ìyá láti ìjọba ìbílẹ̀ kejì bá ń wá gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ìṣirò náà a máa lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ńlá kò dé ilẹ̀ náà dáadáa, ìwé ilé ìlera kò sì mọ iye àwọn tí kò wá. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì ni oníwàádìí níláti tọ́ka sí, kí ó sì tọ́ka sí i pẹ̀lú orúkọ ìlú, dípò kí ó lo ojú ìwé méjì láti sọ pé ìlera ọmọdé ṣe pàtàkì, ohun tí kò sí ẹni tó ń jà á níyàn.

Wàyí o, a dé orí ète. Oríṣi ète mẹ́ta ni a sábà máa ń rí. Èkínní ni ète tó jẹ́ àdúrà: “láti mú kí àwọn òbí túbọ̀ máa gba àjẹsára fún ọmọ wọn.” Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ìwádìí tó ń lọ ka ènìyàn, tó sì ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò lè mú ohunkóhun pọ̀ sí i, iṣẹ́ ìjọba àti ti nọ́ọ̀sì ni ìyẹn. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti ṣe ìlérí tí kò ní í lè san, àwọn tó ń yẹ ìwé wò yóò sì béèrè ibi tí owó abẹ́rẹ́, owó nọ́ọ̀sì àti owó fìríìjì wà nínú ìṣúná rẹ̀.

Ète kejì ni èyí tó ti di àṣà ní àwọn yunifásítì wa, pé a fẹ́ mọ ìmọ̀, èrò àti ìṣe àwọn ìyá nípa àjẹsára. Ó ṣeé ṣe, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àìmọ̀ ló ń dá ènìyàn dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2003, nígbà tí a kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ níbẹ̀, tí ìyàn tó wà lórí oògùn Trovan tí ilé-iṣẹ́ Pfizer dán wò lára ọmọdé ní ọdún 1996 sì wà nínú ohun tó dá ìfura sílẹ̀, ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò pé ìbẹ̀rù àti àhesọ ni olórí ìdí níbi gbogbo. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ ní etí ọ̀sà. Ìyá tó mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́, tó sì fẹ́ ẹ, lè ṣàìlọ nítorí pé owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ ju owó ẹja tó tà lánàá lọ, tàbí nítorí pé ó débẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí a sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kúrò lórí ìmọ̀ nìkan. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ohun tó ń darí gbígba àjẹsára sí: ohun tí ènìyàn ń rò àti bó ṣe rí lára rẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé àti àdúgbò ń sọ fún un, bí ó ti wù ú tó láti gbà á, àti ohun ìdènà ojú ayé, bí ọ̀nà, owó, àkókò àti bí a ṣe ń gbà wọ́n ní ilé ìlera.

Ète kẹta ni èyí tó ń béèrè ìbéèrè tí a lè dáhùn, tí ìdáhùn rẹ̀ sì lè lòdì sí ohun tí oníwàádìí ń retí. Bí èmi ni n ó bá kọ ọ́ fún ibi mẹ́ta wa yìí, mẹ́ta péré ni n ó kọ. Èkínní: láti mọ iye ọmọ oṣù 12 sí 23, nínú ọgọ́rùn-ún, tó ti gba abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà kẹta, ní Àríwá Ìjẹ̀bú àti ní etí omi, kí a sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì. Èkejì: láti mọ èwo nínú ọ̀nà mẹ́rin yẹn ló bá àìgbà rìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta: láti gbọ́ láti ẹnu àwọn òbí tí ọmọ wọn kò gba Pẹ́ńtà kankan rí, àti láti ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sìn wọ́n, bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ète èkínní ló ní ìdí. A yan Pẹ́ńtà kẹta nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìbí ni a ń gbà á, nígbà tí ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti mẹ́wàá. Ọmọ tó bá gba ti kẹta ti fi hàn pé òbí rẹ̀ padà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta. A yan oṣù 12 sí 23 nítorí pé ọmọ náà ti dàgbà tó láti ti gbà á, ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Oníwàádìí níláti sọ pẹ̀lú bóyá káàdì àjẹsára ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá, nítorí pé omi àti òjò kì í jẹ́ kí ìwé pẹ́ ní abúlé apẹja. Bí ó bá gba méjèèjì, kó sọ pé òun yóò kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìdánwò ńlá kan tún wà níbí. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà nínú àwọn tí a fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà gbé àjẹsára tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ọkàn ọ̀pọ̀ oníwàádìí yóò sì fà sí i láti fi kún ète. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọmọ ọwọ́; ilé tí a ó ti rí wọn yàtọ̀, ìbéèrè wọn yàtọ̀, ìṣirò iye wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì a pòfo.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò kì í dárí rẹ̀ jini, ìyẹn ni kí ète kejì rọ̀ mọ́ àbájáde èkínní tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí èkínní bá yí padà, èkejì yóò ṣubú. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé, “lẹ́yìn tí a bá ti rí i pé etí omi wà lẹ́yìn, a ó wádìí ìdí rẹ̀,” ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà, nítorí bí etí omi kò bá wà lẹ́yìn ńkọ́? Ète tí mo kọ sókè yìí yóò dúró bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, torí pé a ó ṣì fẹ́ mọ ohun tó ń dí àwọn tí kò gbà á lọ́wọ́ ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Láti orí ète ni a ti ń bọ́ sórí iye ọmọ tí a ó yàn, ibẹ̀ sì ni owó ti kọ́kọ́ yọjú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ṣì ń tọ ọ̀nà àtijọ́ tí Henderson àti Sundaresan ṣàlàyé ní ọdún 1982: kí a yan ìṣùpọ̀ ilé 30, kí a sì mú ọmọ méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 210. Ọ̀nà náà wúlò fún ohun tí a ṣe é fún, èyí tí í ṣe láti mọ iye tó gba àjẹsára ní ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí àṣìṣe má sì ju mẹ́wàá sókè tàbí mẹ́wàá sísàlẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Tiwa fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì, 210 kò sì tó o.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà, ṣùgbọ́n kí a rántí pé iye tí mo fẹ́ lò jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Kí a ní a rò pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba Pẹ́ńtà kẹta ní Àríwá Ìjẹ̀bú, àti 45 ní etí omi. Kí a tó lè rí ìyàtọ̀ 15 yìí pẹ̀lú ìdánilójú tí ayé ìmọ̀ ìṣirò ń béèrè, nǹkan bí ọmọ 170 ni a nílò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ó bá jẹ́ pé a ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri. A kò ní í ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀. Inú ìṣùpọ̀ ni a ó ti mú wọn, àwọn tó ń gbé pọ̀ a sì máa jọ ara wọn, nítorí náà ohun tí ọmọ kejì ń kọ́ wa kì í tó ti àkọ́kọ́. Bí a bá mú ọmọ 11 nínú ìṣùpọ̀ kan, tí ìjọra àwọn ará ìṣùpọ̀ bá sì jẹ́ 0.1, ìlànà tí a ń lò ni 1 + (m − 1)ρ, ìyẹn 1 + 10 × 0.1, tí í ṣe 2. A ó sọ 170 di 340. Bí a bá tún fi àyè sílẹ̀ fún ìdá mẹ́wàá àwọn tí kò ní í dáhùn, ó di 378. Ìṣùpọ̀ 35 tí ọmọ 11 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì fún wa ní 385. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ ìṣùpọ̀ 70, ọmọ 770.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè a máa dúró síbẹ̀, wọn a sì kọ owó ìbéèrè ọ̀rọ̀ fún ìyá 770. Wọ́n gbàgbé pé ọmọ oṣù 12 sí 23 kò sí ní gbogbo ilé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí ilé kan sì ní ènìyàn márùn-ún, ilé méje ni a ó kàn kí a tó rí ọmọ kan. Fún ọmọ 11, bí ilé 75. Nítorí náà iṣẹ́ tó ń jẹ owó jù lọ nínú irú ìwádìí yìí ni kíkàn ilé, àti kíkọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, iye ilé náà yóò sì lé ní 5,000 nínú ìṣùpọ̀ 70. Àbá tí kò ṣírò èyí, nígbà tí owó rẹ̀ bá ń tán lọ, àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tó bá wà nítòsí, ilé tó sún mọ́ títì àti ilé tó sún mọ́ ibùdó ìlera, àbọ̀ ìwádìí yóò sì dára ju bí ayé ti rí lọ. A lè mọ̀ bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀: ìwé àkọsílẹ̀ ilé yóò fi hàn pé ilé díẹ̀ ni a kàn kí a tó rí ọmọ 11, tàbí pé kò sí ilé kan tí a padà sí lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìṣúná lé orí èyí. Kí a ní ènìyàn méjì ni ẹgbẹ́ kan, tí wọn yóò lo ọjọ́ méjì nínú ìṣùpọ̀ kan ní Àríwá Ìjẹ̀bú, ọjọ́ mẹ́ta ní etí omi, nítorí pé abúlé tí kò ní ilé 75 pọ̀ níbẹ̀ tí a ó sì níláti so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ìṣùpọ̀ kan. Ìṣùpọ̀ 35 ní ọ̀nà ọjọ́ méjì jẹ́ 70, ní ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 105. Àpapọ̀ jẹ́ ọjọ́ ẹgbẹ́ 175, tàbí ọjọ́ ènìyàn 350. Bí owó ojúmọ́ bá jẹ́ ₦10,000, ó di ₦3,500,000. Kí a tún ní ìṣùpọ̀ 14 nínú 35 ti etí omi kò ní ọ̀nà ilẹ̀. Ìṣùpọ̀ 14, ọjọ́ mẹ́ta, ₦30,000 fún ọkọ̀ ojú omi lójúmọ́, ó jẹ́ ₦1,260,000.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí owó bá fẹ́ wọ́n, ₦1,260,000 yìí ni ojú gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ sí, tí wọn yóò ní kí a fi àwọn abúlé ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, kí a mú àwọn tí ọkọ̀ ilẹ̀ dé. Ẹ wo ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kí a ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba àjẹsára ní àwọn ìṣùpọ̀ 21 tí ọ̀nà dé, 37.5 sì ni ní àwọn 14 tí ọ̀nà kò dé. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló fún wa ní 45 tí a ti rò. Bí a bá gé àwọn 14 kúrò, 50 ni a ó rí, ìyàtọ̀ etí omi sí Àríwá Ìjẹ̀bú yóò wá dín láti 15 sí 10. Kí a tó lè rí ìyàtọ̀ 10 láàrin 60 àti 50 nípa ìṣirò kan náà, nǹkan bí ọmọ 853 ni a nílò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni 231 péré ló kù sí wa lọ́wọ́ ní etí omi. A fi owó ọkọ̀ pamọ́, a sì pàdánù ète. Àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn tọrọ owó gan-an ni a gé kúrò, ìwádìí yóò sì parí sí pé ìyàtọ̀ kò sí, àwọn aláṣẹ yóò sì gbà á gbọ́.

Nítorí náà, àlàyé ìṣúná tó bá kọ “Ìrìnàjò: ₦4,000,000” kò tíì sọ ohun kan. Èyí tó yẹ ni kí ó sọ pé ìṣùpọ̀ 14 ni kò ní ọ̀nà ilẹ̀, kí ó sọ pé láìsí wọn ète èkínní kò ṣeé dáhùn, kí ó fi iye ọjọ́ àti iye owó hàn, kí ó sọ pé lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ méjì ní èbúté ni a ti gba iye náà, ọjọ́ tí a gbà á, àti pé awakọ̀, epo àti ẹ̀wù amúniléfòó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a gba iye náà ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ. Àwọn tó kọ ìṣúná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 rí i bí a ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí epo bẹntiróòlù sì ti nǹkan bí ₦185 kúrò di ohun tó lé ní ₦480 lítà kan láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ìwádìí kò gbà kí a fi owó àìròtẹ́lẹ̀ sí ìṣúná. Ohun tí wọ́n gbà ni kí a fi ọjọ́ sí iye owó, kí a kọ ìlànà tí a ó gbà tún un ṣe, kí a sì sọ èwo nínú iṣẹ́ ni a ó kọ́kọ́ dín kù. Ó yẹ kí oníwàádìí sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, bí owó bá dín, iye ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú ète kẹta ni òun yóò dín kù, òun kò ní í gé ìṣùpọ̀ orí omi.

Ète kẹta náà ní owó tirẹ̀ tí a sábà máa ń gbàgbé. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ méjìdínlógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí kan, dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ohùn wákàtí kan máa ń gba bíi wákàtí mẹ́fà kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ tán, èyí tó di wákàtí 108 kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Bí olùsọ̀rọ̀ bá jẹ́ Ìlàjẹ, akọ̀wé tó gbọ́ èdè Ìjẹ̀bú nìkan yóò fo ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Ìṣúná tó bá ní owó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, tí kò sì ní owó akọ̀wé, ti jẹ́wọ́ pé ète kẹta wà fún ẹwà ìwé.

Ní ìdà kejì, àwọn owó kan wà tí kò rọ̀ mọ́ ète kankan, tí wọ́n sì ń ba ìwé jẹ́: kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́ta fún iṣẹ́ tí ọ̀kan tó, ẹ̀wù olórúkọ fún ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, owó ojúmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá lẹ́ẹ̀kan tó ju owó àwọn tó kàn ilé 5,000 lọ. Ti ìwọ̀lú ṣòro díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè wọ abúlé wa láìkí baálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olówó kò gbà kí a kọ ọtí àti ẹ̀bùn sí ìṣúná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ yóò kọ ìpàdé ìwọ̀lú: iye ìpàdé, omi àti oúnjẹ fún àwọn tó wá, owó ọkọ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, gbogbo rẹ̀ sì ní ìwé ẹ̀rí. Owó ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà nínú ìwádìí náà níláti wà níbẹ̀, nítorí láìsí ìwé àṣẹ wọn a kò lè kan ilẹ̀kùn kan.

Kí a má gbàgbé apá tí ilé ẹ̀kọ́ ń mú nínú owó fún iná, ọ́fíìsì àti ìṣirò owó. Àwọn olówó yàtọ̀ sí ara wọn lórí èyí: iye tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti Amẹ́ríkà, NIH, ń gbà fún ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun yàtọ̀ sí èyí tí àjọ Gates ń gbà fún yunifásítì. Ẹni tó bá da ìwé kan náà kọ fún àwọn méjèèjì láìka ìlànà wọn lè rí i pé a ti dá ìwé rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó ka ète rẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò yìí parí sí àyẹ̀wò kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí tábìlì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó mú ìlà ìṣúná kọ̀ọ̀kan, kí ó fa ìlà gé e, kí ó sì béèrè ète tí yóò ṣubú. Bí kò bá sí èyí tó ṣubú, owó náà kò yẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó gé ète kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè owó tí kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Bí kò bá sí, ète náà kò tíì ní owó, kò sì ní í ṣẹlẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ìwé tó bá là á já nínú àyẹ̀wò méjèèjì yìí yẹ kí a fún lówó, kódà bí owó rẹ̀ bá pọ̀; èyí tí kò bá sì là á já, bí owó rẹ̀ ti wù kó kéré tó, ìnákúnàá ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, kí ẹ béèrè iye owó ọkọ̀, kí ẹ tó jókòó kọ ète yín.